Ọ̀gẹ̀dẹ̀ Ìdúpẹ́ àti Lẹ́tà Iṣẹ́ Fadilah

Ìyàwó ọmọ mi ni Fadilah, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ rí wa ní Mowe máa ń rò pé èmi ni mo bí i. N kì í bá wọn jiyàn. Uthman ọmọ mi ló fẹ́ ẹ wálé. Uthman ti lọ, Fadilah kò lọ. Nígbà tó ṣe opó tán, àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wá láti Àgbàdo pé kó dìde, kó kó ẹrù rẹ̀, kó máa bọ̀ nílé. Ó kúnlẹ̀ kí wọn, ó gbé omi tútù fún wọn, ó ní, "Ẹ ṣeun tí ẹ ò gbàgbé mi. Ṣùgbọ́n tí mo bá bá yín lọ, ta ni yóò máa bá Màmá wá awò ojú wọn? Orí wọn gan-an ló máa ń wà." Wọ́n rẹ́rìn-ín títí, wọ́n mu omi, wọ́n gbàdúrà fún un, wọ́n sì padà sílé láìmú un lọ. Bí Fadilah ṣe rí nìyẹn. Ó lè sọ pé rárá fún ènìyàn, kí onítọ̀hún sì dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ kó tó jáde.

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ yìí, tí kì í bá ṣe ẹnu rẹ̀ yẹn, bóyá ibòmíràn ni ì bá já sí.

Iṣẹ́ ayẹ̀wò omi ló ń ṣe ní ilé iṣẹ́ píọ̀ wọ́tà kan ní Ibafo. Òun ló ń bu omi sínú ìgò kéékèèké, tó ń gbé e síbi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́, tó sì ń wò ó bóyá ohun kan yóò hù nínú rẹ̀. Ọdún mẹ́fà ló fi ṣe é. Ọ̀gá ibẹ̀ kì í ṣe ènìyàn burúkú, àmọ́ owó oṣù rẹ̀ dà bí òjò ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn: ó lè rọ̀, ó lè má rọ̀. Nínú owó yẹn la ti ń jẹun, inú rẹ̀ la ti ń san owó ilé ìwé Ikram ọmọ rẹ̀, inú rẹ̀ náà la sì ti ń ra oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tèmi.

Oògùn yẹn ni ìpìlẹ̀ ọ̀rọ̀ wa. Mo máa ń lò ó lónìí, n óò fo ọ̀la, kó lè pẹ́ lọ́wọ́. N kò sọ fún ẹnì kankan. Ní ọjọ́ kan, Fadilah ń tún ibùsùn mi ṣe, ó rí káàdì oògùn tó yẹ kó ti tán tipẹ́. Kò bínú. Ó kàn jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, ó gbá káàdì náà mọ́ àyà.

"Màmá, ẹ ṣe ṣe báyìí sí mi?"

"Kí ni mo ṣe?"

"Mo ti sáré kiri fún Uthman. Mi ò lè sáré kiri fún ẹ̀yin náà."

Kíndìnrín ló mú ọmọ mi lọ. Ní ilé ìwòsàn tí a gbé e lọ, fèrèsé kékeré kan wà tí wọ́n ti ń gba owó, wọ́n ní kí a san nǹkan sílẹ̀ kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀. Fadilah bọ́ síta, ó ń ti ilé dé ilé tọrọ ẹ̀yáwó. Ó padà dé pẹ̀lú owó náà ní pípé. Uthman kò dúró dè é. Kí Ọlọ́run forí jì í. N kò bá ẹnikẹ́ni ṣe ìjà lórí rẹ̀ mọ́, àmọ́ láti ìgbà náà, tí mo bá rí fèrèsé tí wọ́n gé ihò kékeré sí nísàlẹ̀, ẹsẹ̀ mi máa ń wúwo.

Àbúrò ọkọ mi kan wà ní Ifo, bíríkìlà ni. Màmúdù lorúkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n ìyàwó kì í pe àbúrò ọkọ lórúkọ, Afínjú ni mo ń pè é láti ọjọ́ tí mo ti wọ ilé wọn, nítorí kò sí bí sìmẹ́ǹtì ṣe lè pọ̀ tó tí ò ní lọ aṣọ rẹ̀ kó tó jáde lọ síbi iṣẹ́. Afínjú yìí ló ń rẹ́ ògiri ọgbà fún ìyá kan ní Mowe níbí, Ìyáàfin Ọláwuyì. Ìyá náà ni ọ̀gá tó ń rí sí ọ̀rọ̀ àwọn òṣìṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ bísíkíìtì kan lójú ọ̀nà Ibafo. Ní ọjọ́ kan ìyá náà sọ pé àwọn ń wá ẹni tó mọ̀ nípa ayẹ̀wò ọjà. Ńṣe ni Afínjú ju ọkọ́ ìrẹ́lé rẹ̀ sílẹ̀: "Mà, ìyàwó ọmọ wa kan wà!"

Wọ́n ní kó kọ̀wé wá. Wọ́n pè é, wọ́n dán an wò, wọ́n tún pè é lẹ́ẹ̀kejì. Lẹ́yìn náà ni lẹ́tà iṣẹ́ wọlé sórí fóònù rẹ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ Mọ́ńdè kan. Ó sáré lọ tẹ̀ ẹ́ jáde ní ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà tó wà ní ẹnu ọ̀nà àdúgbò wa, ó sì kúnlẹ̀ kà á fún èmi àti Afínjú tó ti ibi iṣẹ́ yà kí wa.

Ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgọ́fà náírà lóṣù. Oṣù mẹ́fà ni wọn yóò kọ́kọ́ fi wò ó. Káàdì ìwòsàn wà fún òṣìṣẹ́, fún ọkọ tàbí ìyàwó rẹ̀, àti fún àwọn ọmọ. Tó bá gbà, kó fọwọ́ sí ẹ̀dà kan, kó dá a padà kó tó di ọjọ́ Fúráìdè.

"Alihamudulilahi!" Afínjú ti dìde. "Bíírò dà? Ikram, wá bíírò fún ìyá ẹ!"

"Bàbá, ẹ jẹ́ n fara balẹ̀ kà á ná."

"Kí lo tún fẹ́ kà? Ṣé o ò tíì kà á tán ni? Àbí wọ́n kọ Lárúbáwá síbẹ̀?"

Fadilah rẹ́rìn-ín. "Wọn ò kọ Lárúbáwá, Bàbá. Mo fẹ́ béèrè nǹkan méjì lọ́wọ́ wọn kí n tó fọwọ́ sí i."

Ojú Afínjú yí padà. "Béèrè kí ni?"

"Owó náà, bóyá ó ṣì lè gòkè díẹ̀. Ìkejì sì ni ọ̀rọ̀ káàdì. Wọ́n fi àyè ọkọ sílẹ̀ níbẹ̀, mi ò sì lọ́kọ mọ́. Mo fẹ́ bi wọ́n bóyá Màmá lè wọ ibẹ̀."

Ìgbà yẹn ni mo dá sí i. Mo ní, "Fadilah, yọ èmi kúrò. Iṣẹ́ tí a ò tíì rí, ká má ti tìtorí tèmi sọ ọ́ nù."

"Gbọ́ ohun tí àgbà ń sọ!" ni Afínjú wí. "Ẹnu tèmi ni mo fi bẹ ìyá yẹn. Mo ní ọmọ dáadáa ni ẹ́. Wọ́n wá nawọ́ oore sí ẹ, o ní kí wọ́n fi lé e. Ojú wo ni mo fẹ́ fi gun àkàbà ní ọgbà wọn lọ́la? Ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kó ni lẹ́rù lọ ni."

"Bàbá, màá dúpẹ́. Ọpẹ́ ni màá fi bẹ̀rẹ̀."

"Kó o fi bẹ̀rẹ̀, kó o fi parí! Kò gbọdọ̀ sí nǹkan kan láàárín."

Kò bá a jiyàn. Ó ní, "Ẹ ṣeun, Bàbá. Ẹ ti ṣe iṣẹ́ bàbá fún mi," ó sì lọ gbé oúnjẹ wá fún un. Afínjú jẹun, inú rẹ̀ rọ̀, ó rò pé ọ̀rọ̀ ti parí.

Lẹ́yìn àdúrà ìrọ̀lẹ́ Fadilah jókòó tì mí, ó ń kọ èsì rẹ̀ sórí fóònù. Ó kọ ọ́, ó pa á rẹ́. Mo bi í pé kí ló dé.

"Màmá, ìyà wa ni mo kọ síbẹ̀. Mo kọ ọ́ pé opó ni mí, pé ọmọ mi kò ní bàbá. Tí mo bá fi ìyà tọrọ owó oṣù, àánú ni wọ́n máa fi fún mi. Àánú kì í ṣe ohun tí wọ́n ń san lóṣooṣù."

Mo rántí ìsọ̀ mi ní Ifo, níbi tí mo ti ta ìṣó àti wáyà kí n tó kó wá sọ́dọ̀ wọn. Oníbàárà tó bá dé tó ní ìṣó mi ti dípẹtà, n kì í dín kọ́bọ̀ fún un. Ẹni tó bá sì ń sunkún pé òun ò lówó, n óò dín in lẹ́ẹ̀kan, n óò sì máa sá fún un lọ́jọ́ mìíràn. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ní, "Ìyá, ọjà yín dára, ọ̀dọ̀ yín ni mo fẹ́ rà, ilé olókè méjì ni mò ń kọ́, ẹ jẹ́ ká jọ rò ó," àga ni mo máa ń gbé fún irú ẹni bẹ́ẹ̀. Ohùn rere ní ń yọ obì lápò. Mo sọ èyí fún Fadilah, ó mi orí, ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í kọ.

Nígbà tó parí, ó túmọ̀ rẹ̀ fún mi. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Ó ní inú òun dùn sí iṣẹ́ náà, òun sì fẹ́ ṣe é. Ó ní kí òun tó fọwọ́ sí i, ohun méjì wà tí òun fẹ́ kí àwọn jọ yẹ̀ wò. Ọdún mẹ́fà ni òun ti fi ṣe ayẹ̀wò, òun mọ bí a ti ń múra de àwọn aṣojú ìjọba tó máa ń wá wo ilé iṣẹ́, wọn kò ní ṣẹ̀ṣẹ̀ máa kọ́ òun. Nítorí náà, ǹjẹ́ owó náà lè di ẹgbẹ̀rún lọ́nà àádọ́jọ? Lẹ́yìn náà ló béèrè nípa káàdì, ọ̀rọ̀ méjì péré: ọkọ òun ti kú, ìyá rẹ̀ sì wà lọ́wọ́ òun, ṣé ó lè wọ àyè ọkọ? Ó wá parí rẹ̀ pé bí èyíkéyìí kò bá ṣeé ṣe, kí wọ́n jọ̀ọ́ sọ ohun tó ṣeé ṣe fún òun.

Kò sọ pé ẹlòmíràn ń pe òun níbì kan. Kò sọ pé bí wọn kò bá ṣe é, òun ò ní wá. Ó fi ránṣẹ́ ní òwúrọ̀ ọjọ́ Túsìdeè, ó sì múra, ó lọ síbi omi rẹ̀.

Afínjú kò mọ̀. Lọ́jọ́ Wẹ́sìdeè, kó tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ó wọ aṣọ àǹkárá tó fi ṣe Iléyá, ó gbé odindi ìdì ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà láti Ifo, ó lọ kan ilẹ̀kùn Ìyáàfin Ọláwuyì. Òun fúnra rẹ̀ ló sọ ọ́ fún wa lẹ́yìn náà. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Ó ní gbogbo ẹbí ní kí òun wá dúpẹ́. Bí ó bá mọ síbẹ̀, kò burú. Ṣùgbọ́n ayọ̀ ń pa á, ó tún fi kún un: "Mà, iye tí ẹ bá fún un, ó ti gbà. Kódà bí ẹ bá dín in kù, ó ti gbà!"

Ó dé ọ̀dọ̀ wa nírọ̀lẹ́, ó ń fò fẹ̀rẹ̀. Bó ṣe ń ròyìn fún wa lọ́wọ́ ni ọlọ́kadà kan dúró níwájú ilé. Ìdì ọ̀gẹ̀dẹ̀ wà níwájú rẹ̀ lórí táńkì.

"Ìyáàfin Ọláwuyì ní kí n dá a padà fún Bàbá bíríkìlà. Wọ́n ní àwọn dúpẹ́."

Láàárín tiwa, ẹni tó bá dá ẹ̀bùn padà fún ọ, ó fẹ́ẹ̀ dà bí ẹni tó tì ọ́ síta. Afínjú jókòó sórí pèpéle pẹ̀lú aṣọ Iléyá rẹ̀, ọ̀gẹ̀dẹ̀ wà lẹ́bàá ẹsẹ̀ rẹ̀.

"Kí ni mo ṣe fún wọn?" ló wí jẹ́ẹ́jẹ́.

Fadilah wá sọ òtítọ́ fún un pé òun ti kọ èsì, pé òun béèrè nǹkan méjèèjì. Mo rò pé ilé yóò dàrú. Afínjú kàn ń wò ó.

"Ìwọ ń gòkè, èmi ń sọ̀ kalẹ̀, lọ́dọ̀ ẹnì kan náà. Wọn ò ní ṣẹ̀ṣẹ̀ máa sọ pé wèrè ni wá."

"Ẹ má sọ bẹ́ẹ̀, Bàbá."

"Iṣẹ́ yẹn ti lọ, ìyàwó. Ọgbà mi náà ti lọ."

Mo ní kí Fadilah pè wọ́n kíá, kó ní kí wọ́n jọ̀ọ́, pé a ò béèrè nǹkan kan mọ́. Ó gbé fóònù, ó tún gbé e sílẹ̀. Ó ní, "Màmá, wọn ò tíì bínú sí mi. Tí mo bá pè báyìí, èmi ni màá sọ fún wọn pé mo ṣẹ̀." A sùn bẹ́ẹ̀. Èmi kò sùn rárá.

Ọ̀sán Tọ́sìdeè ni fóònù dún. Fadilah wà nílé nítorí ẹ̀rọ omi wọn bàjẹ́. Ó tẹ̀ ẹ́ kí èmi náà lè máa gbọ́.

"Fadilah, ìwọ ni?"

"Èmi ni, mà. Ẹ káàsán, mà."

"Ìròyìn méjì ló dé ọ̀dọ̀ mi láti ilé kan náà. Ìwọ ní kí n fi lé e, bàbá yín ní mo lè dín in kù. Èwo ni kí n gbà?"

Fadilah fi ọwọ́ kan ẹnu díẹ̀, ó ń gba ẹ̀rín dúró. "Ẹ má bínú, mà. Ọpẹ́ ni bàbá wa wá dú, iṣẹ́ àgbà sì nìyẹn, inú mi dùn pé wọ́n wá. Ṣùgbọ́n wọn kò mọ̀ pé mo ti kọ̀wé. Ti iṣẹ́, èmi tí màá ṣe é ni mo kọ ohun tí ẹ rí yẹn. Mo fẹ́ iṣẹ́ yìí, mà. Bó bá sì jẹ́ pé kò sí ohun tó lè yí padà, ẹ sọ fún mi, màá dá yín lóhùn kí Fúráìdè tó kọjá."

Mo ń gbọ́ ìró ẹ̀rọ lẹ́yìn rẹ̀.

"Ó dáa. Tó bá jẹ́ ọ̀kan nìkan ni mo lè rí ṣe, èwo ló jẹ ẹ́ lógún jù?"

Fadilah kò ronú rárá. "Káàdì Màmá ni, mà."

N kò mọ ìgbà tí mo pariwo. "Ẹ má dá a lóhùn o! Owó ni kí ẹ fún un! Ẹ fi tèmi sílẹ̀!"

"Ta nìyẹn?"

"Màmá ni, mà."

Ìyáàfin Ọláwuyì bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà kò tètè tán. "Háà! Ẹni mẹ́ta ni mò ń bá ná ọjà yìí! Màmá, ẹ káàsán o."

"Káàsán, ọmọ mi. Ẹ má bínú."

"Kò sí ìbínú, mà. Fadilah, gbọ́. Iṣẹ́ yìí ní àtẹ̀gùn owó tirẹ̀, mi ò lè fò ó. Mi ò lè fún ẹ ní àádọ́jọ. Ṣùgbọ́n ìsàlẹ̀ pátápátá ni wọ́n fi ẹ́ sí, bí ẹni tí kò ṣiṣẹ́ rí. Màá bá àwọn ọ̀gá sọ ọ́, pẹ̀lú ọdún mẹ́fà rẹ. Ti káàdì, àwọn tó ń bójú tó ètò ìwòsàn ni màá bi, nítorí òbí kì í sábà sí nínú rẹ̀. Fi ọkàn balẹ̀ títí di ọjọ́ Mọ́ńdè, mo ti sún ọjọ́ èsì rẹ síwájú, màá fi ìyẹn náà ránṣẹ́ kó wà lákọsílẹ̀. Ó tán?"

"Ẹ ṣeun, mà. Mà… ọ̀gẹ̀dẹ̀ yẹn…"

"Ẹ̀n-ẹ́n, kí bàbá má bínú. Mi ò lè máa jẹ ọ̀gẹ̀dẹ̀ ilé ẹni tí mò ń wọn owó oṣù rẹ̀ lọ́wọ́. Ilé iṣẹ́ wa kò gbà á. Sọ fún wọn pé ògiri mi ń dúró dè wọ́n."

Nígbà tí mo ròyìn èyí fún Afínjú, ó fi fìlà nu ojú. "Wọ́n ní ògiri ń dúró dè mí?" Ẹ̀ẹ̀mẹta ló bi mí.

Lẹ́tà tuntun dé lọ́jọ́ Mọ́ńdè. Ẹgbẹ̀rún lọ́nà ogóje. Èmi náà wọ àyè ọkọ. Owó tí wọn ì bá san lórí ọkọ ni ilé iṣẹ́ yóò san lórí mi. Nítorí ọjọ́ orí mi, ó lé díẹ̀, wọn yóò sì máa yọ èyí tó lé nínú owó oṣù Fadilah. Gbogbo rẹ̀ ló wà lórí ìwé. Fadilah kà á láti òkè dé ìsàlẹ̀, ó tún padà ka apá káàdì. Nígbà náà ló wá ní, "Ikram, wá bíírò fún Bàbá, kí wọ́n fi lé mi lọ́wọ́." Afínjú ló fi bíírò lé e lọ́wọ́, bí ìgbà tí wọ́n ń fi ọkọ́ lé ọmọṣẹ́ lọ́wọ́ lọ́jọ́ ìgbòmìnira.

Ọjọ́ Sọ́ńdè, nígbà tí Ìyáàfin Ọláwuyì ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, a lọ dúpẹ́, ọwọ́ òfo. Mo fẹ́ kúnlẹ̀, ìyá náà ti kúnlẹ̀ kí orúnkún mi tó tẹ̀. "Màmá, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀, àgbà ni yín!" Afínjú bi í bóyá àdúrà náà wà nínú ohun tí òfin kọ̀.

"Àdúrà? Ẹ máa gbà á lọ, Bàbá. Ìyẹn nìkan ni wọn ò kà léèwọ̀."

Èmi gbà á ní tèmi, Afínjú gbà á lọ bẹẹrẹ, ó dárúkọ ọgbà, ó dárúkọ ògiri, ó dárúkọ bísíkíìtì. Àwa ènìyàn Ànọ́bì ń ṣe àmín, ìyá náà ń ṣe àmín ti Jésù. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ yẹn ńkọ́? Ó ti pọ́n nílé, a din ín fún Ikram àti gbogbo ọmọ àdúgbò.

Ó ti pẹ́ díẹ̀ báyìí tí Fadilah ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Lọ́sẹ̀ tó kọjá ni mo kọ́kọ́ lo káàdì náà. Ilé ìwòsàn tí a gbé Uthman lọ kọ́ ni, ṣùgbọ́n wọ́n ní fèrèsé tiwọn. Ọmọbìnrin tó jókòó sídìí kọ̀ǹpútà wo orúkọ mi, ó wò mí, ó ní, "Màmá, àyè ọkọ ni wọ́n fi yín sí o."

Mo ní, "Wọ́n ṣe é bó ti tọ́. Ilé ọkọ rẹ̀ ni mí."

Wọ́n wọn ẹ̀jẹ̀ mi, dókítà bá mi wí lórí oògùn tí mo ń fò, wọ́n di ti odidi oṣù kan fún mi. Mo ń jáde lọ, fèrèsé náà wà lọ́wọ́ ọ̀tún mi, àwọn ènìyàn tò síbẹ̀. Ẹsẹ̀ mi wúwo bó ti máa ń ṣe. Mo dúró, mo ń retí kí ẹnì kan pè mí padà wá san owó. Kò sí ẹni tó pè mí. Mo rìn kọjá.

Fóònù dún kí n tó dé ojú ọ̀nà.

"Màmá, ṣé wọ́n gba owó lọ́wọ́ yín?"

"Wọn ò gba kọ́bọ̀, ọkọ mi."

Mo gbọ́ tó mí kanlẹ̀ láàárín ariwo ẹ̀rọ wọn. "Alihamudulilahi. Ẹ jẹun kí ẹ tó lò ó o. Ẹ ò sì gbọdọ̀ fo ọ̀la."

Mo ní n kò ní fò ó. N kò sì tíì fò ó.